Ta ló ń sọ nọ́ńbà di àṣẹ nínú prósẹ́sọ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ti kà á pé prósẹ́sọ̀ máa ń mú àṣẹ wá láti inú ìrántí, á tú u, á ṣe é, lẹ́yìn náà á tún mú òmíràn. Ohun tí kò yé mi ni pé nọ́ńbà lásán ni gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí. Báwo ni ẹ̀rọ tí kò ní làákàyè ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ àṣẹ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ nọ́ńbà tí àṣẹ fẹ́ lò? Ta ló sì ń bá a tú u?"

Prósẹ́sọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Kò sí àmì kankan lára nọ́ńbà tó wà nínú ìrántí tó ń fi hàn pé àṣẹ ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀rọ náà tó ń yẹ nọ́ńbà wò kó tó pinnu irú ohun tó jẹ́. Àsìkò tí prósẹ́sọ̀ ka nọ́ńbà náà ló ń sọ ọ́ di àṣẹ. Bí ó bá kà á ní àsìkò tó yẹ kó mú àṣẹ tuntun wọlé, àṣẹ ni yóò jẹ́ láìjanpata. Bí ó bá ka nọ́ńbà kan náà, ní àdírẹ́sì kan náà, ní àsìkò mìíràn, ó lè jẹ́ ohun tí àṣẹ míì fẹ́ fi ṣe ìṣirò, ó sì lè jẹ́ ohun tí yóò kà dànù láìlò ó rárá. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò yìí yóò jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Prósẹ́sọ̀ kan pàtó ni màá fi ṣàlàyé, kí ọ̀rọ̀ náà lè ṣeé fojú rí. Orúkọ rẹ̀ ni 6502. Ọdún 1975 ni wọ́n gbé e jáde, òun náà ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà Apple II ti ọdún 1977. Tíránsísítọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò pé 5,000, nígbà tí ti àwọn prósẹ́sọ̀ òde òní ń lọ sí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Kì í ṣe nítorí pé ó ti pẹ́ ni mo ṣe yàn án. Mo yàn án nítorí pé ìta gbangba ló ti ń ka gbogbo ohun tó bá kà: wáyà mẹ́jọ ló ń gbé dátà wọlé tó sì ń gbé e jáde, wáyà mẹ́rìndínlógún ló sì fi ń sọ àdírẹ́sì tí ó fẹ́ kà tàbí tí ó fẹ́ kọ nǹkan sí. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tó ń wo iná lórí wáyà lè jókòó tì í kó máa rí gbogbo bàìtì tó ń kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà àdírẹ́sì mẹ́rìndínlógún náà lè dárúkọ àyè 65,536, bàìtì kan ló sì wà nínú àyè kọ̀ọ̀kan.

Ohun mẹ́rin nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Mẹ́ta jẹ́ réjísítà, ìyẹn ibi kékeré tí prósẹ́sọ̀ ń tọ́jú nọ́ńbà sí nínú ara rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni atọ́ka àṣẹ, tí wọ́n máa ń kọ ní `PC`, tó ń gbé àdírẹ́sì bàìtì tí ó kàn láti kà. Èkejì ni réjísítà àṣẹ, `IR`, níbi tí bàìtì àkọ́kọ́ nínú àṣẹ, tí màá máa pè ní orí àṣẹ, máa ń jókòó sí títí àṣẹ náà yóò fi parí. Ẹ̀kẹta ni `A`, tó ń gbé nọ́ńbà tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ̀kẹrin kì í sábà hàn nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ni kọ́kọ́rọ́ ìbéèrè yín: òǹkà ìgbésẹ̀, tó ń ka iye ìró aago tó ti kọjá láti ìgbà tí àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Aago tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tó ń sọ wákàtí. Iná ni, tó ń tàn tó sì ń kú lọ́nà tó dọ́gba, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá tàn tó sì kú ni mò ń pè ní ìró kan. Nínú Apple II, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká wá fún un ní iṣẹ́ kékeré kan: kó fi 3 kún 5, kó sì tọ́jú èsì rẹ̀ sí àdírẹ́sì 0300. Ètò onímẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀, èyí tí lẹ́tà A dúró fún mẹ́wàá tí F sì dúró fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àdírẹ́sì ló wà lápá òsì, bàìtì tó wà nínú ìrántí gan-an ló wà láàárín, ohun tí ènìyàn kọ kó tó di nọ́ńbà ló sì wà lápá ọ̀tún.

```
0200  A9 05     LDA #$05
0202  18        CLC
0203  69 03     ADC #$03
0205  8D 00 03  STA $0300
0208  4C 08 02  JMP $0208
```

Ẹ rántí pé apá àárín nìkan ni prósẹ́sọ̀ lè rí, kò sì rí àlà tí mo fà láàárín àwọn ìlà náà. Lójú tirẹ̀, bàìtì mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n tò lọ gbọnrangandan láti 0200 dé 020A. Ẹ tún wò ó pé gígùn àwọn àṣẹ náà kò dọ́gba: òmíràn jẹ́ bàìtì kan, òmíràn méjì, òmíràn mẹ́ta. Èyí gan-an ló mú kí ìbéèrè yín lágbára. Bí gbogbo wọn bá gùn bákan náà, kíka méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni ì bá yanjú rẹ̀.

Ká gbà pé `PC` ti wà ní 0200, òǹkà ìgbésẹ̀ sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìró àkọ́kọ́, prósẹ́sọ̀ gbé 0200 sórí wáyà àdírẹ́sì, ìrántí sì dá a lóhùn pẹ̀lú A9 lórí wáyà dátà. Nítorí pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ la wà, inú `IR` ni A9 ń lọ tààrà. Kò sí àyẹ̀wò kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 05 ni ìrántí gbé wá, inú `IR` náà ni 05 ì bá lọ. `PC` gorí 0201. Ní ìró kejì, ó ka 05 láti 0201, ṣùgbọ́n A9 tó ti jókòó sínú `IR` ti darí ọ̀nà tí bàìtì tó kàn yóò gbà, inú `A` ló sì darí rẹ̀ sí. `PC` di 0202, àṣẹ náà parí, òǹkà ìgbésẹ̀ sì padà síbẹ̀rẹ̀. Pípadà tí ó padà yìí nìkan ni ìdí tí bàìtì tó wà ní 0202 yóò fi jẹ́ orí àṣẹ tuntun.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn sí apá kan ìbéèrè yín wà. Orí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye ìgbésẹ̀ tí àṣẹ náà yóò gbà àti iye bàìtì tí yóò jẹ lẹ́yìn ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá jẹ ẹ́ tán, ohunkóhun tó bá kàn ní iwájú ni orí àṣẹ mìíràn, yálà ẹni tó kọ prógíráàmù náà fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́. Àlà tó wà láàárín àṣẹ méjì kò sí nínú ìrántí rárá. Inú ìṣiṣẹ́ ló wà, àṣẹ tó ṣáájú ló sì ń pa á fún èyí tó tẹ̀lé e.

Ó kan ọ̀rọ̀ ta ló ń tú u. Ẹ jẹ́ ká ṣí mẹ́ta nínú àwọn orí àṣẹ wa sí bíìtì, kí n sì fi àlàfo sí wọn bí àwọn tó ṣe prósẹ́sọ̀ náà ṣe pín wọn:

```
A9   101 010 01
69   011 010 01
8D   100 011 01
```

Bíìtì méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ 01 lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé agbo kan náà ni wọ́n ti wá, agbo àwọn àṣẹ tó ń lo réjísítà `A`. Mẹ́ta tó wà láàárín ń sọ ibi tí àṣẹ yóò ti rí ohun tí yóò lò: 010 túmọ̀ sí pé bàìtì tó tẹ̀lé mi gan-an ni nọ́ńbà náà, 011 sì túmọ̀ sí pé bàìtì méjì tó tẹ̀lé mi ni àdírẹ́sì ibi tí ẹ ó lọ. Mẹ́ta tó ṣáájú ń sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe: 101 ni kó gbé nọ́ńbà wọ `A`, 011 ni kó ṣe àròpọ̀, 100 ni kó kọ ohun tó wà nínú `A` sí ìrántí. Bíìtì márùn-ún tó gbẹ̀yìn lára A9 àti 69 bára mu pátápátá, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń ka bàìtì kan lẹ́yìn ara wọn lọ́nà kan náà, tí wọ́n sì wá yàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi bàìtì náà ṣe.

Mo ní bíìtì "ń sọ", ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ohun tó wà nínú prósẹ́sọ̀ náà ni ìlà bíi 130 tí a tò bí àwọ̀n, wáyà tó ti ara `IR` wá àti wáyà tó ti ara òǹkà ìgbésẹ̀ wá sì ń gba orí gbogbo wọn kọjá. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àwọn wáyà tí wọ́n so ó mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kì í sì í gbé iná àfi bí gbogbo wáyà rẹ̀ bá wà ní ipò tó yẹ: bíìtì báyìí jẹ́ 1, bíìtì báyìí jẹ́ 0, ìgbésẹ̀ sì jẹ́ báyìí. Ìlà tó bá gbé iná á ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ nínú prósẹ́sọ̀, á sì ti òmíràn. Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣàlàyé fún àgádágodo. Eyín rẹ̀ bá a mu tàbí kò bá a mu ni. Gbogbo ohun tí à ń pè ní títú àṣẹ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ya ìlà wọ̀nyẹn lọ́dún náà lọ́hùn-ún ló ti tú gbogbo àṣẹ tán pátá kí prósẹ́sọ̀ náà tó rí iná rí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé mímú wá, títú àti ṣíṣe jẹ́ yàrá mẹ́ta tí àṣẹ ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ìwé máa ń gbà yà á nìyẹn, ó sì wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nínú 6502, mímú wá nìkan ló ní ìró tirẹ̀ tó dá dúró. Títú ń lọ ní gbogbo ìró, nítorí pé òǹkà ìgbésẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí àwọ̀n náà ń wò. `IR` kò yí padà láàárín àṣẹ kan, síbẹ̀ ìlà tó ń gbé iná ń yí padà bí ìgbésẹ̀ ṣe ń gorí ara wọn.

Ohun tí ẹ óò rí nìyí bí ẹ bá fi irinṣẹ́ mọ́ wáyà prósẹ́sọ̀ náà bí ó ti ń ṣe prógíráàmù wa. Ìlà kan jẹ́ ìró kan. R ni kíkà, W ni kíkọ. Òpó tó ṣáájú, `SYNC`, jẹ́ wáyà tí 6502 fi ń kéde fún ará ìta pé òun ń mú orí àṣẹ wọlé lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó máa ń di 1 ní ìró yẹn nìkan.

```
SYNC  ADDR  DATA  R/W
1     0200  A9    R
0     0201  05    R
1     0202  18    R
0     0203  69    R
1     0203  69    R
0     0204  03    R
1     0205  8D    R
0     0206  00    R
0     0207  03    R
0     0300  08    W
1     0208  4C    R
```

Ẹ wo ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún dáadáa. 0203 ni àdírẹ́sì méjèèjì, 69 sì ni bàìtì tó jáde nígbà méjèèjì. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé `CLC`, àṣẹ 18, jẹ́ bàìtì kan péré ṣùgbọ́n ó ń gba ìró méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bíìtì C di 0, bíìtì tó ń rántí ohun tí àròpọ̀ tó kọjá ní kí á mú lọ. Wáyà kò lè sinmi ní ìró kejì, prósẹ́sọ̀ náà sì ní láti ka nǹkan, ni ó bá ka bàìtì tó wà níwájú, ó sọ ọ́ nù, kò sì sún `PC` síwájú. Ní ìró tó tẹ̀lé e, òǹkà ti padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún ka bàìtì kan náà, lọ́tẹ̀ yìí ó di orí àṣẹ. Bàìtì kan náà, láàárín ìró méjì tó tẹ̀léra, jẹ́ ohun tí a kà dànù, ó sì tún jẹ́ àṣẹ. Èmi kò rí ẹ̀rí mìíràn tó dáhùn ìbéèrè yín ní kedere tó èyí.

Lẹ́yìn èyí ni `ADC` fi 3 kún 5. Nígbà tí 8D ń wọlé ní ìró tó tẹ̀lé e, àròpọ̀ náà ṣì ń parí lọ́wọ́, ìyẹn ni pé prósẹ́sọ̀ yìí, bó ṣe kéré tó, ti ń fi orí àṣẹ kan lé ìrù òmíràn. `STA` gba ìró mẹ́rin: ọ̀kan láti mú orí rẹ̀ wọlé, méjì láti kó àdírẹ́sì jọ, ọ̀kan láti kọ èsì. Ìdajì tó kéré nínú àdírẹ́sì ló máa ń ṣáájú nínú ìrántí, ìdí nìyẹn tí 0300 fi wà níbẹ̀ bíi 00 03. Ní ìró ìkẹrin, wáyà R/W yí sí kíkọ, 08 sì bọ́ sí àdírẹ́sì 0300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìró mẹ́wàá: bí aago bá ń ró ní mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì pín ìṣẹ́jú àáyá náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ ló gbà. `JMP` tó gbẹ̀yìn rọrùn: ó kó bàìtì méjì tó tẹ̀lé e jọ, ó sì kó wọn sínú `PC`. Nítorí pé ara rẹ̀ ló tọ́ka sí, ibẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ yóò ti máa yí po títí.

Ẹ lè wá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ fi `PC` sí 0200. Nígbà tí a bá tan 6502, wáyà rísẹ́ẹ̀tì á dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bó bá sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ó máa ń lọ ka àdírẹ́sì FFFC àti FFFD, á sì kó ohun tó bá bá níbẹ̀ sínú `PC`. Ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ló gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ohun tó wà níbẹ̀ ni 00 02. Àṣẹ àkọ́kọ́ pàápàá, ọwọ́ ẹlòmíì ló ti gba ipò rẹ̀.

Bí àlà àwọn àṣẹ kò bá sí nínú ìrántí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí `PC` bá ṣi ẹsẹ̀ gbé? Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi lórí pátákó kan tí mo fi ọwọ́ ara mi so wáyà rẹ̀. Mo fẹ́ kí prógíráàmù fò sí 0200, mo sì gba ọ̀nà àṣẹ `RTS`, èyí tí a fi ń padà láti ibi iṣẹ́ tí a rán prósẹ́sọ̀ lọ. `RTS` máa ń mú àdírẹ́sì tó wà lókè òkìtì ìpadàbọ̀, ìyẹn ibi tí prósẹ́sọ̀ ń to àdírẹ́sì tí yóò padà sí lé ara wọn nínú ìrántí, lọ sínú `PC`, ni mo bá kó 0200 sórí òkìtì náà, mo sì pe `RTS`. Ohun tí mo gbàgbé ni pé `JSR`, àṣẹ tó ń ránni lọ, kì í tọ́jú àdírẹ́sì àṣẹ tó kàn; àdírẹ́sì bàìtì ìkẹyìn nínú ara rẹ̀ ló ń tọ́jú, `RTS` sì ń fi 1 kún un kó tó lò ó. Nítorí náà 0201 ni mo balẹ̀ sí dípò 0200.

Ẹ lè rò pé ẹ̀rọ náà yóò takú lójú ẹsẹ̀. Kò takú. Ní 0201, 05 ló bá, nọ́ńbà márùn-ún tí a fẹ́ fi ṣe àròpọ̀. Àmọ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ la wà, inú `IR` ló lọ, 05 sì jẹ́ àṣẹ gidi nínú 6502: `ORA`, tó ní kí á pa ohun tó wà nínú `A` pọ̀ mọ́ ohun tó wà ní àdírẹ́sì tí bàìtì tó kàn dárúkọ, kí bíìtì tó bá jẹ́ 1 nínú ọ̀kan wọn jẹ́ 1 nínú èsì. Bàìtì tó kàn ni 18, `CLC` wa, tó ti di àdírẹ́sì 0018 wàyí. Ohun tí irinṣẹ́ mi fi hàn nìyí:

```
SYNC  ADDR  DATA  R/W
1     0201  05    R
0     0202  18    R
0     0018  40    R
1     0203  69    R
```

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Àkọ́kọ́, nítorí pé `ORA` yìí jẹ bàìtì méjì, àṣẹ tó kàn bọ́ sí 0203, èyí tí í ṣe ibi tó tọ́. Prósẹ́sọ̀ ti padà sójú ọ̀nà, gbogbo ohun tó kù sì ṣẹ bí mo ṣe kọ ọ́. Èkejì, `CLC` kò ṣẹlẹ̀ rárá, nítorí náà bíìtì C wà bí ó ṣe wà. `A` jẹ́ 00 nígbà tí mo balẹ̀, 0018 sì ní 40, èsì `ORA` jẹ́ 40. Bí C bá jẹ́ 0, 43 ni mò ń bá ní 0300. Bí ó bá jẹ́ 1, 44 ni, nítorí pé `ADC` máa ń fi C náà kún àròpọ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ wákàtí wá àṣìṣe náà nínú àròpọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló dà bíi pé ó wà. Ohun tó burú jù ni pé bí 0018 bá ṣèèṣì ní 05, tí C sì jẹ́ 0, èsì ì bá jẹ́ 08 gẹ́lẹ́, n kò sì ní mọ̀ pé àṣìṣe kankan wà títí di ọjọ́ tí nǹkan mìíràn bá lo 0018.

Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni `SYNC`. Bí ẹ bá kó gbogbo àdírẹ́sì tí `SYNC` ti di 1 jọ, tí ẹ sì fi wọ́n wé àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú prógíráàmù yín, wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. 0201 kò bẹ̀rẹ̀ ìlà kankan. Nígbà tí mo rí i lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ pé àṣìṣe náà kò sí nínú àròpọ̀, pé ohun tó gbé mi débẹ̀ ni kí n lọ bi léèrè. Mo yí nọ́ńbà tí mo ń kó sórí òkìtì sí 01FF, ó sì tán.

Irú àṣìṣe yìí lè ní ìparí mìíràn. Nínú àwọn orí àṣẹ 256 tí bàìtì kan lè jẹ́, 151 péré ni wọ́n fún ní iṣẹ́. Àwọn tó kù náà ń wọ inú `IR` bíi ti àwọn yòókù, àwọ̀n náà sì ń ṣiṣẹ́ lé wọn lórí, àwọn ìlà kan á gbé iná papọ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò pète. Òmíràn á ṣe iṣẹ́ àjèjì tó ní ìwúlò. Òmíràn, bíi 02, kì í jẹ́ kí òǹkà ìgbésẹ̀ padà síbẹ̀rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí i pé aago ń ró ṣùgbọ́n `SYNC` kò di 1 mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, rísẹ́ẹ̀tì nìkan ló sì lè gbà á sílẹ̀.

Prósẹ́sọ̀ tó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín lónìí kì í dúró kí àṣẹ kan parí kó tó mú òmíràn. Ó máa ń mú ọ̀pọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, á tú wọn, á ṣe èyí tí ohun èlò rẹ̀ bá ti pé ṣáájú èyí tó ń dúró de nǹkan, á tilẹ̀ máa méfò ibi tí ìfò yóò gbé e lọ kó tó mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fi èsì wọn múlẹ̀, bí wọ́n ṣe tò nínú prógíráàmù ni yóò tẹ̀lé, yóò sì da gbogbo ohun tó bá méfò rẹ̀ ṣì nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí àwọn àṣẹ ń ṣẹ jẹ́ àdéhùn tí ó ń mú ṣẹ fún ẹni tó kọ prógíráàmù, kì í ṣe àpèjúwe ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ mọ́.

Ní ti àlà àwọn àṣẹ, wọn kò gba ọ̀nà kan náà. Nínú ìdílé x86, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, gígùn àṣẹ lè jẹ́ bàìtì kan títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 0201 lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ bákan náà. Nínú AArch64, tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bàìtì mẹ́rin ni gbogbo àṣẹ, àdírẹ́sì tí kò ṣeé pín sí mẹ́rin kò sì bójú mu fún `PC`. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀, prósẹ́sọ̀ á kígbe àṣìṣe lójú ẹsẹ̀ dípò kó máa bá a lọ. Èyí kò dènà kí nọ́ńbà lásán tó wà ní àdírẹ́sì tó tọ́ di àṣẹ. Nítorí ìyẹn ni àwọn prósẹ́sọ̀ òde òní fi ní bíìtì kan fún ojú ewé ìrántí kọ̀ọ̀kan, tó sábà máa ń jẹ́ bàìtì 4,096, tó ń sọ bóyá wọ́n lè mú àṣẹ láti inú rẹ̀ tàbí wọn kò lè mú un. Òun nìkan ni àmì tó sún mọ́ ohun tí ẹ ń bèèrè, odindi ojú ewé ló sì wà fún. Nínú ojú ewé tó bá fàyè gbà á, ibi tí `PC` bá dúró sí ni àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀.